Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Ṣáájú Wáẹ́kì: Bí Ọmọ Ṣe Lè Pín Àkókò fún Ẹ̀kọ́ Mẹ́sàn-án

Bí ìdánwò àṣejáde girama bá ti ń súnmọ́lé, káàdíbọ́ọ̀dù funfun kan sábà máa ń gorí ògiri nínú yàrá àwọn ọmọ tó fẹ́ jókòó. Wọ́n á fi rúlà fa ìlà sí i, wọ́n á fi bírò pupa kọ ọjọ́, wọ́n á fi búlúù kọ orúkọ ẹ̀kọ́. Aago mẹ́rin ìdájí, ìṣirò. Aago márùn-ún, Kẹ́mísírì. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Bàọ́lọ́jì. Gbogbo ẹ̀kọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló ní wákàtí tó dọ́gba, kò sì sí ọjọ́ kan tí kò kún. Táìmù-tébù náà á dùn ún wò. Ìyá á rí i, á yọ̀. Ṣùgbọ́n tí ọjọ́ mẹ́wàá bá fi máa kọjá, ọmọ á ti já lẹ́yìn rẹ̀. Iná lọ lálẹ́ ọjọ́ kan, àlejò dé lọ́jọ́ kejì, ibà mú un lọ́jọ́ kẹta. Nígbà tó máa padà síbẹ̀, gbèsè wákàtí ti pọ̀ ju ohun tó lè san lọ. Ó fi í sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohunkóhun tọ́wọ́ rẹ̀ bá bà.

Ọ̀lẹ kọ́ ló ba táìmù-tébù yẹn jẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é gan-an ló ti gbé àìsàn wá. Ó pín wákàtí lọ́gbọọgba fún ẹ̀kọ́ tí wọn kò dọ́gba, kò fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí ojú kò rí tẹ́lẹ̀, kò sì sọ ọjọ́ tí ọmọ máa padà sí ohun tó ti kà. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló burú jù. Ohun tí ọmọ kà ní ọ̀sẹ̀ kìíní, tí kò sì padà bẹ̀ wò, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kẹfà tó pé.

Kí ọ̀rọ̀ má baà wà lójú òfuurufú, ẹ jẹ́ ká mú kàlẹ́ńdà ọdún kan gan-an. Lọ́dún 2024, ìdánwò Wáẹ́kì ti àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin, ó sì parí ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà. Tí a bá ka ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn láti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 19 oṣù Kẹta la máa bá. Ká tó kọ orúkọ ẹ̀kọ́ kankan síbẹ̀, ẹ wo ohun tó ti wà nínú ọjọ́ 42 yẹn fúnra rẹ̀. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ni Àjíǹde, tó bọ́ sí ọjọ́ 31 oṣù Kẹta. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ìtúnu ààwẹ̀, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni ìdánwò Jáḿbù bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin. Ọmọ tó to táìmù-tébù rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ọdún, kò sí ààwẹ̀, kò sí Jáḿbù, ó ti pàdánù ọjọ́ mẹ́fà tàbí méje kó tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni pé kí ọmọ gba táìmù-tébù ìdánwò náà lọ́wọ́ ilé-ìwé, kó sàmì sí àwọn ọjọ́ tí kò ní lè kàwé lórí kàlẹ́ńdà, lẹ́yìn náà ni kó tó ka wákàtí tó kù.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọbìnrin kan tó fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án ló forúkọ sílẹ̀ fún: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì, Físíìsì, Yorùbá, Síífíìkì, ìmọ̀ ọrọ̀-ajé àti Àgíríkì. Márùn-ún àkọ́kọ́ ni ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì máa bi í léèrè, ó sì gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìyẹn C6 sókè. Ó ṣì ń lọ sílé-ìwé, nítorí náà wákàtí kan ní ìdájí àti wákàtí kan ààbọ̀ lálẹ́ ni agbára rẹ̀ gbé láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ó lè rí wákàtí márùn-ún lọ́jọ́ Àbámẹ́ta àti méjì ààbọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20 wákàtí lọ́sẹ̀.

Kò gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ kún 20 yẹn. Kó yọ mẹ́rin sẹ́yìn, kó má kọ nǹkan kan sí wọn. Àwọn wákàtí mẹ́rin òfìfo yìí ni iná tó lọ, orí tó ń fọ́ni àti àlejò máa jẹ. Tí wọn ò bá jẹ wọ́n tán, ọmọ á fi èyí tó kù sinmi. Wákàtí 16 ló kù, ìjókòó 16 nìyẹn, wákàtí kan fún ìjókòó kan. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó di ìjókòó 96. Gbogbo ohun ìní rẹ̀ nìyẹn, òun ló sì fẹ́ ná sórí ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án.

Báwo ló ṣe máa ná an? Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń béèrè lọ́wọ́ ọkàn ara wọn pé ẹ̀kọ́ wo ló le jù fún àwọn. Ọkàn kì í sọ òótọ́ nípa èyí. Ó sábà máa ń tọ́ka sí ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ rẹ̀ le, kò sì ní dárúkọ èyí tí máàkì ti ń jò lọ́wọ́ ẹni. Ohun tó ṣeé gbọ́kàn lé ni pé kí ọmọ mú ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá, tí gbogbo wọn ń pè ní pásì kúẹ́ṣìn, kó yan ọdún kan tí kò tíì fojú kàn rí, kó fi aago síwájú, kó sì ṣe apá ọbujẹ́tíìfù ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan láìṣí ìwé. Ìparí ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà ni kó fi ṣe é. Ká ní ohun tí ọmọbìnrin wa rí nìyí, tí a bá sọ gbogbo rẹ̀ di ọgọ́rùn-ún: ìṣirò 38, Kẹ́mísírì 42, Gẹ̀ẹ́sì 51, Físíìsì 52, ìmọ̀ ọrọ̀-ajé 62, Bàọ́lọ́jì 68, Àgíríkì 72, Yorùbá 76, Síífíìkì 80.

Ìṣirò á gba ìjókòó mẹ́rin lọ́sẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì á gba mẹ́ta, Kẹ́mísírì mẹ́ta. Físíìsì á gba méjì. Bàọ́lọ́jì náà á gba méjì bó tilẹ̀ jẹ́ pé 68 kò burú, torí pé kò lè dé ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì láìsí i. Ó di 14. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin tó kù á máa gba ìjókòó méjì tó ṣẹ́kù ní gbà-fún-mi-n-gbà-fún-ọ, méjì lọ́sẹ̀ yìí, méjì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyẹn túmọ̀ sí ìjókòó mẹ́ta péré fún Síífíìkì nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ibí yìí ni àwọn òbí kan ti máa ń janpata, ṣùgbọ́n ẹ̀bi kọ́ ló wà níbẹ̀. Ọmọ tó ti gba 80 nínú Síífíìkì, tó tún fi wákàtí mẹ́wàá kà á torí pé ó dùn ún kà, ń fi ìṣirò rẹ̀ san owó adùn náà.

Pípín wákàtí nìkan kò tó. Ohun tí ọmọ ń ṣe láàárín wákàtí kan ló ya ọmọ tó ń kàwé sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ tó kàn jókòó ti ìwé.

Lọ́dún 2006, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tí gbogbo ilé tó ní ọmọ ìdánwò yẹ kó gbọ́. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní àyọkà kan. Àwọn kan kà á ní ìgbà mẹ́rin léraléra. Àwọn mìíràn kà á nígbà kan, wọ́n wá pa ìwé dé, wọ́n sì kọ gbogbo ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀ nígbà mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó ń kà á léraléra ló ṣáájú: wọ́n rántí 83 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn yòókù rántí 71. Àmọ́ nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn tó kà á léraléra rántí 40 péré. Àwọn tó pa ìwé dé tí wọ́n kọ ọ́ rántí 61.

Ẹ wo ẹ̀tàn tó wà níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí ọmọ ń kàwé, kíkà léraléra ló dà bí ẹni pé ó ń wọlé jù. Ọ̀rọ̀ ń yọ̀ lójú rẹ̀, ó ń mi orí, ó ń sọ pé "mo ti mọ èyí." Ṣùgbọ́n ìdánwò kò ní wáyé lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọmọ tó pa ìwé dé, tó ń fi bírò ha orí, tí ohun tó rántí kò pọ̀, òun ló ń ṣe iṣẹ́ tó máa pẹ́ lára.

Nítorí náà, bí ìjókòó wákàtí kan ṣe máa rí nìyí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́: bébà funfun, ìwé ní pípadé, kí ọmọ kọ gbogbo ohun tó rántí nípa orí-ẹ̀kọ́ tó kà kọjá. Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú 25 fún orí-ẹ̀kọ́ tuntun nínú ìwé àti nóòtì. Ìṣẹ́jú 15 fún ìbéèrè àtẹ̀yìnwá lórí orí-ẹ̀kọ́ náà, láìyọjú wo ìdáhùn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn fún mímàákì àti kíkọ àṣìṣe sínú ìwé kan tí a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ yẹn ni ọmọ fi ń padà sí ohun àtijọ́, ó sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Ká ní ọmọbìnrin wa ka móòlù nínú Kẹ́mísírì ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta. Kó kọ orúkọ orí-ẹ̀kọ́ náà sí ọjọ́ 21, kó tún kọ ọ́ sí ọjọ́ 26, kó tún kọ ọ́ sí ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí ọjọ́ náà bá bọ́ sí ìgbà tí kò sí Kẹ́mísírì, kó gbé e sí ìjókòó Kẹ́mísírì tó bá tẹ̀ lé e. Kò nílò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bí ohun tó rántí kò bá tó ìdajì lẹ́ẹ̀mejì, orí-ẹ̀kọ́ yẹn kò tíì wọlé, ó gbọ́dọ̀ gba ìjókòó kíkún mìíràn. Ìlànà yìí ni kò sí lórí káàdíbọ́ọ̀dù ẹlẹ́wà tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì wà fún àwọn orí-ẹ̀kọ́ tí ó kù díẹ̀ káàtó. Ìṣirò ní ìjókòó mẹ́jọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjèèjì. Kí ọmọ yan orí-ẹ̀kọ́ mẹ́jọ tó ti kùnà jù, kó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìjókòó kan. Sílábọ́ọ̀sì ìṣirò gùn ju ìyẹn lọ dáadáa, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kì í ṣe ìgbà tí ọmọ máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ gbogbo iṣẹ́ ọdún mẹ́ta. Èyí tó bá mọ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn ìbéèrè àkópọ̀ tó ń bọ̀ níwájú ni yóò tún un ṣe.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, bí nǹkan ṣe ń lọ gbọ́dọ̀ yí padà. Kí ọmọ má ṣe ìbéèrè lórí orí-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo mọ́. Kó da wọ́n pọ̀.

Ìdí rẹ̀ ni èyí. Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè kan tó rọrùn: ẹnì kan fi 20,000 náírà sí báńkì, èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, èlé ọdún kọ̀ọ̀kan sì ń di ara owó náà. Èlòó ni èlé rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì? Lábẹ́ orí-ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ "èlé lórí èlé" sí lókè, ọmọ kò lè ṣi í. Ọdún kìíní mú 2,000 wá, owó di 22,000. Ọdún kejì mú 2,200 wá. Gbogbo èlé jẹ́ 4,200 náírà. Ṣùgbọ́n nínú yàrá ìdánwò, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ orí-ẹ̀kọ́ sí orí ìbéèrè. Ó wà láàárín ìbéèrè igun mẹ́ta àti ìbéèrè bọ́ọ̀lù pupa nínú àpò. Ọmọ rí owó, ó rí ọdún, ó rí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ó sáré lo ọ̀nà èlé lásán tó mọ́ ọn lára, ó kọ 4,000. Kì í ṣe pé kò mọ èlé lórí èlé. Kò dá a mọ̀ nígbà tó rí i ni.

Doug Rohrer àti Kelli Taylor fi irú nǹkan yìí hàn lọ́dún 2007. Wọ́n kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń ṣírò ìwọ̀n inú oríṣi nǹkan mẹ́rin tí ìrísí wọn yàtọ̀ síra. Àwọn kan ṣe oríṣi kan tán kí wọ́n tó bọ́ sí òmíràn, àwọn kan ṣe gbogbo rẹ̀ ní àdàlù. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́, àwọn tó ń ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan gba 89 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn aládàlù gba 60. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n dán gbogbo wọn wò. Àwọn aládàlù gba 63. Àwọn yòókù já bọ́ sí 20.

Fún ìjókòó mẹ́jọ tí ìṣirò ní nínú ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin, nígbà náà, kí ọmọ gé ìbéèrè láti oríṣiríṣi ọdún, méjì níbí, mẹ́ta lọ́hùn-ún, kó sì ṣe wọ́n bí wọ́n bá ṣe wá. Máàkì rẹ̀ máa kọ́kọ́ wálẹ̀. Kí òbí tó bá rí i má fi ṣe ẹ̀sùn, kí ọmọ náà má sì sá padà sí ohun tó rọrùn.

Ìwé àṣìṣe wá ni olórí irin-iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjèèjì yìí. Ẹṣasáìsì lásán ni, olójú-ewé ogójì. Gbogbo ìbéèrè tí ọmọ bá kùnà, á kọ ọ́ síbẹ̀ ní ìlà kan, á sì kọ irú àṣìṣe tó jẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mẹ́ta ni irú rẹ̀. Àkọ́kọ́, "n kò mọ̀ ọ́n." Ìkejì, "mo mọ̀ ọ́n, n kò dá a mọ̀," bíi ti èlé lórí èlé yẹn. Ìkẹta, "ọwọ́ ló ṣì," bíi kí ọmọ yọ 7 kúrò nínú 15 kó kọ 9, tàbí kí wọ́n bi í ní ohun tí kò tọ̀nà, kó mú èyí tó tọ̀nà. Oògùn wọn kò jọra. Àìmọ̀ ń fẹ́ olùkọ́ àti ìwé. Àìdámọ̀ ń fẹ́ ìbéèrè àdàlù sí i. Èyí tí ọwọ́ ṣì ń fẹ́ kí ọmọ dẹ eré, kó fi bírò fàlà sábẹ́ ohun tí wọ́n bi í kó tó dáhùn. Ọmọ tí kò yà wọ́n sọ́tọ̀ á máa ka gbogbo orí-ẹ̀kọ́ látìbẹ̀rẹ̀ torí àṣìṣe tí kò ju ti ọwọ́ lọ.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹrin, kó tún ara rẹ̀ dán wò pẹ̀lú ọdún mìíràn. Ká ní ìṣirò ti gun 38 dé 53, Físíìsì ti dé 58, ṣùgbọ́n Kẹ́mísírì tó wà ní 42 kò kúrò ní 44. Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́kàn ni pé kí àwọn fi wákàtí kún un. Kó má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Kó ṣí ìwé àṣìṣe. Ó ṣeé ṣe kó rí i pé nínú ìbéèrè 20 tó kùnà, 11 ló ní ìṣirò móòlù nínú, bí ọ̀kan ṣe wà lábẹ́ ásíìdì, tí òmíràn wà lábẹ́ gáàsì. Gbòǹgbò kan ló ń gbé gbogbo ẹ̀ka yẹn. Kó fi ìjókòó méjì gbáko kojú móòlù nìkan, kó mú un lọ bá olùkọ́ lọ́sàn-án, kó tó tún bá ìbéèrè mìíràn pàdé.

Pírákítíkà Kẹ́mísírì kò ṣeé ṣe nílé, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ táìmù-tébù fi gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n apá tí ọmọ fi ń pàdánù máàkì jù níbẹ̀, orí bébà ló wà. Ẹ wo àbájáde táítíréṣọ̀n kan: àkọ́dán 25.10, ìkejì 24.40, ìkẹta 24.50. Ọmọ tó bá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ti ṣì í, torí àkọ́dán kì í wọ inú ìṣirò. Méjì tó súnmọ́ra nìkan ló ń pín, ìdáhùn jẹ́ 24.45. Àti kí ọmọ kọ 24.4 dípò 24.40, àṣìṣe ni, torí ojú ìwọ̀n búrẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà méjì lẹ́yìn ààmì. Ìjókòó kan lọ́sẹ̀ tó fi máa kọ irú tébù yìí, tó sì máa ṣe ìṣirò tó tẹ̀ lé e, yóò sanwó rẹ̀ padà.

Gẹ̀ẹ́sì ló yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀, torí òun ni àwọn ọmọ kì í mọ bí a ṣe ń kà á. Wọ́n á ní "kí ni mo fẹ́ kà níbẹ̀?" Ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀. Nínú Pépà Kejì, àròkọ ló ni 50 máàkì nínú ọgọ́rùn-ún, àkàyé 20, ìsọníṣókí 30. Máàkì 50 ti àròkọ náà pín báyìí: ohun tí ọmọ sọ, mẹ́wàá; bó ṣe tò ó, mẹ́wàá; bó ṣe lo èdè, ogún; ìpéye sípẹ́lì, gírámà àti àmì ìdánudúró, mẹ́wàá. Nínú mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn yìí, ààbọ̀ máàkì ni wọ́n ń yọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: àṣìṣe ogún péré ló máa gbé gbogbo mẹ́wàá lọ. Ọmọ tó ń gbàgbé fúlú-sítọ́ọ̀pù, tó ń kọ orúkọ ìlú ní lẹ́tà kékeré, lè ti dé ogún kó tó dé ojú-ewé kejì.

Ìjókòó mẹ́ta Gẹ̀ẹ́sì lọ́sẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀kan fún àròkọ kan, ọ̀rọ̀ 450, ìṣẹ́jú 50, àgékù wákàtí náà fún kíkà á sókè kí etí gbọ́ ibi tó ti wọ́. Kí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n màákì rẹ̀, kó fi bírò pupa yí gbogbo àṣìṣe ká, kí ọmọ kà wọ́n. Tó bá jẹ́ 24 lọ́sẹ̀ kìíní, tó di 9 lọ́sẹ̀ karùn-ún, ohun tó ń ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìjókòó kejì fún àkàyé àti ìsọníṣókí. Nínú ìsọníṣókí, ohun tó ń pa àwọn ọmọ ni pé wọ́n ń gbé odindi gbólóhùn láti inú àyọkà wá kalẹ̀ bó ṣe wà, olùyẹ̀wò kì í sì fún un ní nǹkan. Kí ọmọ ka ìpínrọ̀ kan, kó yí ìwé dojú dé, kó sọ ohun tó gbọ́ pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀, kó tó kọ ọ́. Ìjókòó kẹta fún ọbujẹ́tíìfù àti ìró èdè.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni Jáḿbù, kò sì sí àǹfààní nínú pé a ń ṣe bí ẹni pé kò sí. Kí ọmọ gbé ọjọ́ mẹ́ta fún un, ọjọ́ tó ṣáájú, ọjọ́ rẹ̀ gan-an àti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, pàápàá tó bá jẹ́ pé ìlú mìíràn ni wọ́n gbé sẹ́ńtà rẹ̀ sí. Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì ló fẹ́ ṣe níbẹ̀, nítorí náà kíkà ọ̀hún kò ṣòfò. Ẹ̀kọ́ tí kò sí nínú Jáḿbù rẹ̀ ni ìṣirò, òun sì ni kó fi ọjọ́ tó kù lọ́sẹ̀ náà ṣe.

Ìjókòó mẹ́jọ ìṣirò tó kù ló máa gba odindi ìdánwò méjì, ọ̀kan lọ́sẹ̀ karùn-ún, ọ̀kan lọ́sẹ̀ kẹfà. Pépà Kìíní jẹ́ wákàtí kan ààbọ̀, Pépà Kejì jẹ́ wákàtí méjì ààbọ̀, àpapọ̀ wákàtí mẹ́rin. Ìjókòó mẹ́rin géérégé nìyẹn. Kó jókòó sí tábìlì, kó gbé fóònù fún ẹlòmíràn, kó má dìde. Pépà Kejì ní ọgọ́rùn-ún máàkì fún ìṣẹ́jú 150. Apá kìíní rẹ̀, ìbéèrè márùn-ún tó jẹ́ dandan, gba 40 máàkì, wákàtí kan tọ́ sí i. Apá kejì, ìbéèrè márùn-ún tí ọmọ máa yàn, gba 60, ìyẹn 12 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 18 péré. Ìbéèrè tó bá ti gba ìṣẹ́jú 18 láìyanjú, kó fi àyè sílẹ̀ fún un, kó kọjá. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ ìṣirò ló fi 35 ìṣẹ́jú bá ìbéèrè kan wọ̀yá ìjà, tí aago sì lù nígbà tí ìbéèrè méjì tó mọ̀ dáadáa ṣì wà nílẹ̀. Ìdánwò kíkún nílé nìkan ló lè fi àṣà yìí han ọmọ kó tó dé ibi tí kò ti sí àtúnṣe.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹfà bá dé, kò sí orí-ẹ̀kọ́ tuntun mọ́. Kí ọmọ wo táìmù-tébù ìdánwò, kó máa tẹ̀ lé bí ìwé ṣe máa wọlé, èyí tó ṣáájú ni kó kọ́kọ́ tún wò. Ìwé àṣìṣe ni kó máa kà, ìwé ńláńlá kọ́. Oorun sì gbọ́dọ̀ padà sí ààyè rẹ̀: ọmọ tó ti ń kàwé di aago méjì òru, tí ìdánwò rẹ̀ sì jẹ́ àárọ̀, ti kọ́ ọpọlọ rẹ̀ láti jí nígbà tí kò sí ìbéèrè, kó sì máa tòògbé nígbà tí wọ́n bá pín bébà.

Ohun kan ṣì wà tí àwọn tó ń ṣe táìmù-tébù máa ń gbójú fò. Lọ́dún 2024 yẹn, láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin sí ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ìdánwò náà fi wáyé. Àlàfo wà láàárín ìwé kan àti òmíràn, nígbà mìíràn ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ̀kọ́ tó bá kẹ́yìn nínú táìmù-tébù ìdánwò ṣì ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wọ̀nyí. Nítorí náà, bí nǹkan bá há lọ́sẹ̀ kẹta, tí ìjókòó kan gbọ́dọ̀ kú, kí ọmọ yọ ọ́ lára ẹ̀kọ́ tó máa kẹ́yìn, kó má yọ ọ́ lára èyí tó máa ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ tó kù, ọ̀dọ̀ ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ ló ń lọ. Wákàtí kan ní ìdájí àti wákàtí kan ààbọ̀ lálẹ́ ni ọmọ yìí ń bẹ̀bẹ̀ fún, fún ọjọ́ 42 péré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn pọnmi, kí ẹlòmíràn dúró ti ìsọ̀, kí wọ́n yí ohùn tẹlifíṣọ̀n wálẹ̀ láti aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́. Bí owó bá sì wà tí ẹ fẹ́ ná sórí rẹ̀, ẹ ra ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá tó ní ìdáhùn, àtùpà tó ń gba iná sára, àti ẹṣasáìsì kan tó máa kọ àṣìṣe rẹ̀ sí.